Àfikún Chrome tó ń padà wá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́: ibi tó ń sá pamọ́ sí àti bí ẹ ṣe lè lé e jáde

"Okun o," ni màmá tíṣà náà wí nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Kó tó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì mi ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ti padà. Láti Ìsánlú ló ti ń bọ̀ wá bá mi ní Kàbà. Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí ohun tí mo ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé mo ti tún ṣe. Ojú tì mí.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Bó bá ti ṣí Chrome, ojú ewé kan tí kò mọ̀ rí ló ń kọ́kọ́ yọ sí i dípò Google, àpótí ìṣàwárí kan wà láàárín rẹ̀, ìpolówó sì kún abẹ́ rẹ̀. Bó bá kọ "JAMB result" láti fi wá èsì ọmọ rẹ̀, àdírẹ́sì àjèjì kan á kọ́kọ́ fò kọjá lókè bí mànàmáná kí èsì tó jáde, ìpolówó ló sì máa ń ṣáájú. Àfikún kan ló ń ṣe é, ìyẹn irú ohun kékeré tí wọ́n ń so mọ́ bráúsà kó lè ṣe iṣẹ́ kan sí i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ti wa ohun ọ̀fẹ́ kan sórí kọ̀ǹpútà náà láti fi sọ PDF di Word, òun àti àfikún náà ni wọ́n jọ wọlé.

Nígbà àkọ́kọ́, mo pa àṣẹ tó mú àfikún náà dúró rẹ́, mo yọ ọ́, mo dá Google padà, mo dán an wò níwájú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Nígbà kejì, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo tilẹ̀ yọ Chrome fúnra rẹ̀ kúrò, mo gbé tuntun sí i. Èyí pẹ̀lú ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tó dé Ìsánlú. Àṣìṣe mi ni pé mi ò pa kọ̀ǹpútà náà kí n tún un tàn kí n tó dá a padà fún un. Bátìrì rẹ̀ kò gbé iná dúró mọ́, nítorí náà ní ilé rẹ̀, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, kọ̀ǹpútà kú nìyẹn. Ìgbà tó bá tún un tàn ni nǹkan ọ̀hún ń wọlé padà.

Bí èkan ló rí. Ẹni tó bá fi àdá gé e lórí ilẹ̀, òjò kan péré, ó ti tún yọ. Àfikún tí ẹ ń rí nínú Chrome ni ewé. Lábẹ́ rẹ̀ ni àṣẹ kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Windows tó ń sọ fún Chrome pé àfikún yìí kò gbọdọ̀ kúrò. Lábẹ́ àṣẹ yẹn ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti dá àkókò fún, tó ń tún àṣẹ náà kọ nígbàkúùgbà tí ẹ bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà tú àṣírí irú èyí gan-an: ètò ayédèrú tí àwọn ènìyàn wà sórí kọ̀ǹpútà wọn, iṣẹ́ tó ń fi PowerShell, irinṣẹ́ Windows tó ń mú àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣẹ, ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, àti àfikún tó ń fi túláàsì wọ Chrome àti Edge. Àwọn tó kó sí i lọ́wọ́ tó 300,000 ó kéré tán. Nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti òkè.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀

Ẹ má tíì yọ ohunkóhun. Ẹ ṣí Chrome, kí ẹ kọ èyí sí ibi àdírẹ́sì lókè:

```
chrome://extensions
```

Ẹ tan Developer mode ní igun ọ̀tún lókè. Lábẹ́ àfikún kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ID rẹ̀, lẹ́tà 32 tó lẹ̀ mọ́ra, láti a dé p nìkan, láìsí nọ́ńbà kankan. Ẹ kọ ti èyí tí ẹ fura sí sínú ìwé, ẹ má gbára lé orúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ ṣeé parọ́. Èyí tí mo rí lórí kọ̀ǹpútà màmá ń pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ PDF. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá bọ́tìnnì Remove wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wà, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí àfikún náà lọ, tí kò sì padà lẹ́yìn tí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, oríire ni yín, ẹ fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa dídá Google padà. Bí bọ́tìnnì náà kò bá sí, tí ẹ sì rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Installed by your administrator", àṣẹ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ó rí àṣẹ náà fúnra rẹ̀ níbí:

```
chrome://policy
```

Lórí kọ̀ǹpútà ti ara ẹni tí ẹnìkan ò fọwọ́ kàn, ibẹ̀ máa ń ṣófo. Ti màmá ní ìlà kan tó ń jẹ́ ExtensionInstallForcelist, iye tó wà níwájú rẹ̀ sì jọ báyìí (lẹ́tà àpẹẹrẹ ni mo fi sí i):

```
abcdefghijklmnopabcdefghijklmnop;https://clients2.google.com/service/update2/crx
```

Lẹ́tà 32 tó ṣáájú àmì `;` bá èyí tí mo kọ sínú ìwé mu láìyẹ̀ kan. Ọ̀daràn náà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Google tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàn yín jẹ. Ibi tí Chrome ti ń gba àfikún rẹ̀ ni wọ́n tọ́ka sí, kì í ṣe pé Google ló kọ àfikún náà. Àwọn ìlà mìíràn tó tún yẹ kí ẹ wá ni èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Homepage, RestoreOnStartup tàbí DefaultSearchProvider. Àwọn ló ń ti ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìṣàwárí pa, tí ẹ ò fi lè yí wọn padà.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, báǹkì tàbí ibi iṣẹ́ ni, ó lè jẹ́ àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣẹ sí i. Ẹ lọ bá wọn, ẹ má pa nǹkan wọn rẹ́. Àwọn ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì kan náà máa ń fi àfikún tiwọn wọlé lọ́nà yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ID wé ID kí ẹ tó gbé ọwọ́.

Ẹni tó ń gbé e padà wá

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ kọ `appwiz.cpl` sínú àpótí kékeré tó yọ, kí ẹ tẹ Enter. Gbogbo ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló máa tò sílẹ̀. Ẹ tẹ orí ìlà Installed On kó lè fi ọjọ́ tò wọ́n. Mo bi màmá léèrè ọjọ́ tí wàhálà náà bẹ̀rẹ̀, ó ní ó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí ọmọ òun wá láti ilé-ìwé. Mo wo ọjọ́ yẹn: ètò méjì ló wọlé lọ́jọ́ kan náà, èyí tó ń sọ PDF di Word àti òmíràn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé. Mo yọ méjèèjì. Ọjọ́ ni ẹ máa wò, kì í ṣe orúkọ, àyàfi bí ẹ bá mọ orúkọ náà dájú.

Ibi tí mo ti fò kọjá lẹ́ẹ̀mejì ló kàn yìí. Ẹ tún tẹ Windows àti R, kí ẹ kọ `taskschd.msc`. Ẹ tẹ Task Scheduler Library lápá òsì. Àwọn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n dá fún un ni ẹ ń wò yẹn. Púpọ̀ nínú wọn ni kò lábùkù: ti Google wà níbẹ̀ tó ń mú Chrome dé ìgbà, ti Microsoft wà, ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín náà lè wà. Ẹ tẹ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo abala Actions lábẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe gan-an sí. Ohun tó yẹ kó fu yín lára ni iṣẹ́ tó ń pe `powershell.exe` tàbí `wscript.exe` láti ṣí fáìlì kan nínú AppData tàbí ProgramData, pàápàá bí orúkọ iṣẹ́ náà bá dà bí ẹni fi ọwọ́ gbá lẹ́tà jọ. Fáìlì náà lè wà nínú System32 pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má ṣe torí pé ó wà nínú fódà Windows kí ẹ gbà á gbọ́. Ẹ wo Triggers náà. Lórí ti màmá, "At log on" ló wà níbẹ̀. Mo kàn jókòó, mo ń wò ó. Èèmọ̀ tó kó mi lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ má sáré pa á rẹ́. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Disable. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì í mú, ẹ lè tan án padà láìsí ariwo. Ẹ kọ ibi tí fáìlì rẹ̀ wà sílẹ̀; bí ohun gbogbo bá ti dúró dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ wá pa iṣẹ́ náà àti fáìlì náà rẹ́.

Bí wíwo ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan kò bá yé yín, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ AdwCleaner, ti Malwarebytes, tó máa ń rí púpọ̀ nínú irú nǹkan báyìí. Orí ojúlé Malwarebytes fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wà á. Ẹ má fi Chrome tó ń ṣàìsàn yẹn wá a; ìpolówó tó máa kọ́kọ́ yọ lè jẹ́ ayédèrú rẹ̀. Ẹ wà á láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi fúláàṣì gbé e wá.

Àṣẹ inú Windows

Ẹ kọ `cmd` sínú ibi ìṣàwárí Windows, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Command Prompt, kí ẹ yan Run as administrator. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, "Access is denied" ni yóò máa dá yín lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ ti Chrome pa pátápátá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀ sórí Desktop:

```
taskkill /f /im chrome.exe
reg export "HKLM\Software\Policies\Google\Chrome" "%userprofile%\Desktop\chrome-hklm.reg"
reg query "HKLM\Software\Policies\Google\Chrome" /s
```

Ìlà kẹta ń fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn yín. Ó yẹ kí ẹ rí lẹ́tà 32 yẹn níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi `HKCU` rọ́pò `HKLM` nínú ìlà kejì àti ìkẹta, kí ẹ tún wò ó. Bí ẹ bá ti rí i, tí kò sì sí àṣẹ ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ dá sí, ẹ pa á rẹ́:

```
reg delete "HKLM\Software\Policies\Google\Chrome" /f
reg delete "HKCU\Software\Policies\Google\Chrome" /f
gpupdate /force
```

Bí èyíkéyìí bá dáhùn pé òun ò rí ohun tí ẹ ń wá, kò burú. Kò sí nǹkan níbẹ̀ nìyẹn. HKLM ni ti gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, HKCU ni tiyín nìkan, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ yìí sì máa ń lo èyí tó bá wù wọ́n. Bó bá jẹ́ Edge ni ẹ ń lò, ẹ fi `Microsoft\Edge` rọ́pò `Google\Chrome`, kí ẹ fi `msedge.exe` rọ́pò `chrome.exe` nínú àwọn ìlà wọ̀nyí, kí ẹ sì fi `edge://policy` yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ padà sí `chrome://policy`, ẹ tẹ Reload policies. Bí ìlà náà bá ti lọ, bọ́tìnnì Remove á ti yọ lábẹ́ àfikún náà nínú `chrome://extensions`. Nígbà mìíràn, àfikún náà á ti bá àṣẹ rẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Bó bá ṣì wà, ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ tún un tàn, ẹ má kàn dé e pa. Ẹ wọlé, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún wo `chrome://policy`. Bí ìlà náà bá ti padà, ẹnìkan ṣì wà nílẹ̀ tó ń kọ ọ́. Ẹ padà sí Task Scheduler. Èyí ni ìdánwò tí mi ò ṣe, òun ló sì gbé màmá dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Dídá Google padà

Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán Chrome tó wà lórí Desktop, ẹ yan Properties, kí ẹ wo àpótí Target. Ó gbọ́dọ̀ parí sí báyìí:

```
chrome.exe"
```

Bí àdírẹ́sì ojúlé kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa àdírẹ́sì náà nìkan rẹ́, kí ẹ tẹ OK. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yí ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ padà nígbà ogún nínú Settings láìmọ̀ pé orí àwòrán yìí ni wọ́n kọ tọ̀hún sí. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀, lórí Taskbar, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó rọrùn kí ẹ kàn yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì gbé tuntun sí i.

Nínú Chrome, `chrome://settings/searchEngines` ni kí ẹ lọ. Ẹ fi Google ṣe Default, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà níwájú ti àjèjì náà, kí ẹ yan Delete. Bí ẹ kò bá tíì yan Google, kò ní gbà kí ẹ pa tọ̀hún rẹ́. Ẹ lọ sí `chrome://settings/onStartup`, ẹ yan Open the New Tab page. Nínú `chrome://settings/appearance`, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí Show home button.

Bí ó bá tún ku ohun tí kò dára, ẹ lo `chrome://settings/reset`. Ó máa ń pa gbogbo àfikún, ó máa ń dá ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìṣàwárí padà, ó sì máa ń nu kúkì, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ó tún wọlé sórí àwọn ojúlé yín lọ́tun. Kì í fọwọ́ kan búkúmáàkì, ìtàn ibi tí ẹ ti lọ, tàbí pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti tọ́jú. Ṣùgbọ́n Reset kò lè pa àṣẹ inú Windows. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó bá fi ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fi máa ń sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ń lo àkáǹtì Google kan náà lórí kọ̀ǹpútà méjì, tí Sync sì wà ní títàn, ẹ pa Sync lórí méjèèjì títí tí ẹ ó fi fọ méjèèjì tán. Èyí tí ẹ kò tíì fọ̀ á kó ìdọ̀tí rẹ̀ wá sórí èyí tó ti mọ́. Ti fóònù kò ṣe yín ní nǹkan. Chrome orí fóònù Android kì í gba àfikún.

Láti mọ̀ pé ó ti lọ lóòótọ́, ẹ wá ohun kan, kí ẹ má wo èsì, ibi àdírẹ́sì lókè ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ó gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí `google.com/search`. Bó bá ya ibòmíràn kó tó dé Google, bó ti wù kó yára tó, ẹnìkan ṣì ń gba ohun tí ẹ ń wá kọjá lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Nípa èyí, mo béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá ó ti wọ báǹkì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà láti ọjọ́ yẹn. Ó ní ó ti wọ̀ ọ́. Kí n tó yọ àfikún náà, mo ti ka ohun tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe: "Read and change all your data on all websites". Ohun tó bá ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lè rí ohun tí ẹ ń kọ sínú ojúlé. Mo ní kó fi fóònù rẹ̀ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù báǹkì àti ti ímeèlì kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sì ṣe é lórí àga níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí nǹkan ọ̀hún ṣì ń padà, tí ẹ kò sì rí iṣẹ́ tó ń gbé e wá, ẹ kó fáìlì yín sórí ohun mìíràn, kí ẹ gbé Windows tuntun sí i. Èmi kì í fi ju ọ̀sán kan lọ lórí ọ̀kan ṣoṣo kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Ní ọjọ́ kẹta, màmá pè mí láti Ìsánlú. Ọkàn mi fò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Google ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ sí mi ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, ó ní fáírọ́ọ̀sì marùn-ún wà lórí kọ̀ǹpútà mi."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, mà. Ẹ ṣí Chrome, ẹ kọ ohun tí mo fẹ́ pè fún yín yìí sókè."

```
chrome://settings/content/notifications
```

Ó rí ojúlé mẹ́rin lábẹ́ Allowed to send notifications, kò mọ ìkankan nínú wọn. Ó yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí mo ṣe ń dúró lórí fóònù. Àfikún ti lọ nígbà náà. Àṣẹ tí wọ́n ti gbà láti máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ ló ṣẹ́ kù.